Sítọ́ọ̀pù mi wà ní 46, kí ló dé tí wọ́n fi bá mi tà á ní 45.47?

Àdùkẹ́K

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìpín ilé-iṣẹ́ kan, 600 ni, dọ́là 50 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọ́dà sítọ́ọ̀pù sí 46, pé bó bá já débẹ̀ kí wọ́n bá mi tà á. Lánàá, ìròyìn burúkú kan jáde nípa ilé-iṣẹ́ náà lọ́sàn-án gangan, ni owó bá ń já bọ́. Kí n tó wo áàpù mi, wọ́n ti tà á, àmọ́ 45.47 ni mo bá níbẹ̀, kì í ṣe 46. Ṣé bùrókà mi ló rẹ́ mi jẹ ni? Àbí kí n kúkú máa lo sítọ́ọ̀pù-límíìtì láti ìsinsìnyí lọ?

Ọmọ_Ṣáàtì

Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Sítọ́ọ̀pù-límíìtì ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹ gbàgbé èyí tẹ́ ẹ lò yẹn. Ẹ kọ 46 sí `Stop Price`, ẹ kọ 45.50 sí `Limit Price`, ó parí. Kò sẹ́ni tó lè bá yín tà á ní ìsàlẹ̀ 45.50 mọ́. Òun ni mo fi ń dáàbò bo gbogbo ohun tí mo bá rà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Bàbá_Ìpín

Ẹ má tíì dá bùrókà lẹ́bi, arábìnrin. 45.47 yẹn, ìpíndọ́gba ni. Ẹ lọ síbi tí áàpù yín ń tọ́jú àwọn ọ́dà tó ti kọjá sí, ẹ tẹ orí ọ̀kan yìí, yóò fi bí wọ́n ṣe tà á lẹ́sẹẹsẹ hàn yín. Ẹ bá wa kọ ọ́ síbí.

Àdùkẹ́K

Mo ti rí i, sà. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ:

```
100 @ 45.95
150 @ 45.80
200 @ 45.40
150 @ 44.90
```

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló bí mi nínú jù. 44.90! Ta ló rán wọn?

Bàbá_Ìpín

Ẹ̀yin lẹ rán wọn, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Ọ́dà sítọ́ọ̀pù kì í tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọ́dà yòókù. Níbi tó wà, lọ́dọ̀ bùrókà tàbí nínú ẹ̀rọ ọjà fúnra ẹ̀, ńṣe ló sùn, tó ń retí kí wọ́n ná ìpín yẹn ní 46 tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì ní 46, ọ́dà yín jí nìyẹn. Tó bá sì ti jí, "ẹ tà á ní 46" kọ́ ló ń sọ mọ́ o. Ohun tó ń sọ ni pé "ẹ tà á, iyekíye tẹ́ ẹ bá rí." Ó ti di ọ́dà máákẹ́ẹ̀tì. 46 tí ẹ kọ kàn sọ ìgbà tó máa jí ni, kò sọ iye tó máa gbà.

Ó wá kù kí a mọ àwọn tó fẹ́ rà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Látinú ohun tí ẹ kọ, a lè mọ bí ìwé ọ́dà ṣe rí nígbà tí tiyín débẹ̀. Ẹnì kan wà tó fẹ́ 100 ní 45.95. Lẹ́yìn ẹ̀, 150 ní 45.80. Lẹ́yìn ìyẹn, 200 ní 45.40, kí ó tó kan àwọn tó wà ní 44.90. Ọ́dà yín fẹ́ ta 600 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba ẹni tó san owó tó ga jù lọ́wọ́, ìyẹn ò tó, ó sọ̀kalẹ̀ sórí ẹni tó tẹ̀ lé e, títí ìpín fi tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ ìwé ọ́dà yẹn lọ sí ìsàlẹ̀.

Owó tó wọlé jẹ́ dọ́là 27,280. Ká ní gbogbo ẹ̀ lọ ní 46 ni, 27,600 ni ì bá jẹ́. 320 ló yọ̀ lọ láàrin. Òun ni àwọn oníṣòwò ń pè ní sílípéèjì.

Ẹ ó tún rí i pé kò sí ẹyọ kan nínú tiyín tó lọ ní 46 gangan. Ìdí ni pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ fi sítọ́ọ̀pù síbẹ̀. Nọ́ńbà tó rọrùn láti rántí ni, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ná an ní 46, ọ̀pọ̀ ọ́dà jí pa pọ̀, àwọn tó ṣíwájú yín jẹ àwọn olùrà 46 tán kí tiyín tó débẹ̀. Títà wọn sì tún fa owó náà wálẹ̀ sí i, ó jí àwọn tí tiwọn wà ní 45.90, àwọn náà tún tà.

Mọremí22

Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Mo wo ìwé ọ́dà ìpín tí mo ní lárààárọ̀, àwọn olùrà máa ń pọ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mélòó kan ní gbogbo ìpele. Kí ló wá ń gbé wọn lọ lọ́jọ́ tí nǹkan bá gbóná? 100, 150 péré ni Àdùkẹ́ bá níbẹ̀.

Bàbá_Ìpín

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ọ́dà tí ẹ ń rí lárààárọ̀ kì í ṣe ti àwọn tó fẹ́ fi ìpín náà pa mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa rà kí wọ́n sì máa tà nígbà kan náà, kí wọ́n jẹ sẹ́ńtì kan tàbí méjì tó wà láàrin. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é fún wọn. Ìròyìn burúkú ò wù wọ́n rárá, torí ẹni tó bá ń tà fún wọn nígbà yẹn lè mọ ohun tí àwọn ò tíì mọ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà wọn á fa ọ́dà yọ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Tí wọ́n bá tún máa tò ó padà, wọ́n á tò ó sí ìsàlẹ̀, iye tí wọ́n fẹ́ rà á sì kéré gan-an.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ó ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ máa wo àlàfo tó wà láàrin owó olùrà tó ga jù àti owó olùtà tó kéré jù. Sẹ́ńtì méjì lè ni lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tó bá di sẹ́ńtì ogún lójijì, ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń gbé ọjà náà dúró ti sá sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni tó bá sì fi ọ́dà máákẹ́ẹ̀tì wọlé ní ìṣẹ́jú yẹn ló máa san owó àlàfo náà.

Ọmọ_Ṣáàtì

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí, ọ̀rọ̀ mi náà ló ń tì lẹ́yìn. Ká ní sítọ́ọ̀pù-límíìtì 45.50 ló lò ni, 44.90 ò bá má kàn án.

Bàbá_Ìpín

Òótọ́ ni, kò ní kàn án. Àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ dópin. Tí wọ́n bá ná an ní 46, ọ́dà jí, ó sì di ọ́dà límíìtì tó ní òun ò gba ohun tó bá kéré sí 45.50. Ó ta 100 ní 45.95, ó ta 150 ní 45.80. Ẹni tó kàn wà ní 45.40, kò sì lè tà fún un. 350 ló ṣẹ́ kù. Àwọn yẹn á wá tò sórí ìlà ní 45.50 gẹ́gẹ́ bí ọ́dà títà lásán, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa gòkè wá bá wọn. Arábìnrin, ẹ bá wa sọ ọ́, èló ni wọ́n ń ná an nígbà tí ọjà máa pa?

Àdùkẹ́K

42, sà.

Bàbá_Ìpín

Ẹ rí i. 350 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, ó ti di dọ́là 14,700. Sítọ́ọ̀pù tó bí yín nínú yẹn ta 350 kan náà ní 15,815. Torí pé Ọmọ_Ṣáàtì ò fẹ́ kí 320 yọ̀, 1,115 ni ì bá bọ́ sọnù, ìpín náà ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ yín. Ìyẹn tún jẹ́ pé apá kan lọ o. Tó bá jẹ́ pé 45.60 lẹ fi límíìtì sí, tí àwọn olùrà tó wà lókè ìyẹn sì ti tán kí tiyín tó dé, kò sí ẹyọ kan tó máa lọ.

Ọmọ_Ṣáàtì

Hmm. Ṣùgbọ́n èyí já torí pé ó ń bá a lọ ní jíjá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń padà sókè láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ́dà tó wà ní 45.50 á sì rí ẹni rà á. Ẹ ò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo dá a lẹ́jọ́.

Bàbá_Ìpín

Mo gbà fún yín níbẹ̀. Ibi tí mo ti takò yín ni "ó parí" tí ẹ sọ.

Sàájú_Ọjà

Tèmi rèé o, ó jọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi ọ́dà límíìtì láti rà sí dọ́là 40. Mo wo ṣáàtì, ó já sí 40 gangan, ó sì fò padà sí 41. Wọn ò ra ẹyọ kan fún mi! Bùrókà mi ní òun ò ṣẹ̀. Kí lẹ ní kí n ṣe?

Mọremí22

Ìyẹn kì í ṣe ohun tí Àdùkẹ́ ń bèèrè o. Ìwọ ń sọ̀rọ̀ rírà, sítọ́ọ̀pù títà ni òun ń sọ.

Bàbá_Ìpín

Kò jìnnà síra jù. Ọ́dà límíìtì ní àyè lórí ìlà, ohun tí sítọ́ọ̀pù tó sùn ò ní nìyẹn. Àmọ́ àyè yẹn ní ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó kẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ ọjà, gbogbo àwọn tó fẹ́ rà ní 40 ló tò tẹ̀ léra wọn bí wọ́n ṣe dé. Tí olùtà kan bá mú 500 wá tó sì tà á ní 40, tí àwọn tó ṣíwájú Sàájú bá fẹ́ 2,000, ó ti tán kó tó kàn án. Ṣáàtì á fi 40 hàn, torí wọ́n ná an níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tó bá já sí 39.99 ni ó dá yín lójú pé wọ́n ti jẹ gbogbo àwọn tó wà ní 40 tán. Bùrókà ò ṣẹ̀.

Mọremí22

Ó dáa. Ó jẹ́ pé mo lè fi límíìtì lásán dáàbò bo ara mi nìyẹn, kí n má bá sítọ́ọ̀pù kankan jà? Tí mo ní ìpín tó wà ní 48 báyìí, mo fi límíìtì títà sí 46, ó sì ti wà lórí ìlà níwájú gbogbo èèyàn.

Olùwòran

Rárá o! Ẹ má dán an wò. Límíìtì títà ní 46 ń sọ pé "46 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ." Tí àwọn olùrà bá wà ní 48 nísinsìnyí, 48 ju 46 lọ, wọ́n á tà á lójú ẹsẹ̀ ní 48, ẹ ó jókòó sílẹ̀ láìní ìpín. Límíìtì títà, òkè owó ọjà ló ń gbé. Sítọ́ọ̀pù títà ló ń gbé ìsàlẹ̀. Ti rírà ló yí padà: límíìtì wà nísàlẹ̀, sítọ́ọ̀pù wà lókè.

Mọremí22

Yéè! Ẹ ṣeun o, ẹ yọ mí.

Tádé_Fọ́rẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin onípìn-ín, ìyà ń jẹ yín o. Ẹ wá sí fọ́rẹ́ẹ̀sì. Ọjà tó kún dẹ́nu, tọ̀sán-tòru ló ṣí, sítọ́ọ̀pù mi kì í yọ̀ ju ìdá díẹ̀ nínú pípù kan lọ. Bùrókà mi tiẹ̀ ní sítọ́ọ̀pù tó dájú, iye tí mo kọ gan-an ni wọ́n máa fún mi.

Olùwòran

Tádé, o sọ òótọ́ díẹ̀. Yúrò sí dọ́là kún lóòótọ́, lọ́jọ́ tí nǹkan bá tutù. Ṣùgbọ́n rántí 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2015. Báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Switzerland ti ń sọ láti 2011 pé yúrò kan ò ní já sí ìsàlẹ̀ fráǹkì 1.20. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ra yúrò sí òkè ibẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n fi sítọ́ọ̀pù sí ìsàlẹ̀ 1.20 pẹ́kípẹ́kí, wọ́n rò pé ewu ò sí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, báńkì náà kéde pé òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, owó náà ti lọ sí ìsàlẹ̀ 1.00. Kò sí olùrà ní 1.19, kò sí ní 1.15. Sítọ́ọ̀pù jí, wọn ò rẹ́ni tà fún títí owó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tó fi owó yíyá ṣe é jẹ gbèsè ju ohun tó wà nínú àkáǹtì wọn lọ. Bùrókà Alpari ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ gbèsè, ó kógbá sílé lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní ti sítọ́ọ̀pù tó dájú, ó wà ní tòótọ́, àmọ́ wọn kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Wo àdéhùn rẹ dáadáa, owó wà tí wọ́n ń gbà lé e lórí, wọn kì í sì í jẹ́ kí o gbé e súnmọ́ owó ọjà jù.

Tádé_Fọ́rẹ́ẹ̀sì

Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn o. Màá wo àdéhùn yẹn ná.

Àdùkẹ́K

Ẹ ṣé gan-an ni. Bùrókà mi ti gba ìdáláre. Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ni tòru. Ká ní ọjà pa ní 47.20, ìròyìn burúkú jáde lóru, ọjà wá ṣí ní 41 ńkọ́?

Bàbá_Ìpín

Ìgbà yẹn gan-an ni oríṣi méjèèjì yapa jù. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ bùrókà, sítọ́ọ̀pù kì í jí nígbà tí ọjà bá ti pa. Ó dàárọ̀, owó àkọ́kọ́ tí wọ́n ná ni 41. 41 ti kọjá 46, ọ́dà jí, wọ́n tà á ní 41 tàbí nítòsí ibẹ̀. Dọ́là márùn-ún ti yọ̀ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohun tí bùrókà lè ṣe sí i, torí kò sẹ́ni tó ná 46 rárá.

Sítọ́ọ̀pù-límíìtì tí ẹ fi sí 46 àti 45.50 náà á jí ní 41. Àmọ́ ó máa lọ tò sí 45.50, dọ́là mẹ́rin ààbọ̀ lókè ọjà, á sì máa wò. Ìpín yín ṣì wà lọ́wọ́ yín pátá.

Ọmọ_Ṣáàtì

Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ni mo dúró sí. Èmi ò fẹ́ tà ní 41 láàárọ̀ tí gbogbo èèyàn ń sá! Ẹ wo 24 oṣù Ògún 2015. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọjà Amẹ́ríkà ṣí, Dow, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọjà ìpín wọn ṣe ń rìn, ti já ju 1,000 lọ. Àwọn kan fi sítọ́ọ̀pù lásán sílẹ̀, wọ́n bá wọn tà á ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì ti padà sókè púpọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọjà ìpín New York fúnra ẹ̀ ò gba ọ́dà sítọ́ọ̀pù mọ́ láti oṣù Èrèlé 2016. Ṣé wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá léwu ni?

Bàbá_Ìpín

Ẹ̀rí tó lágbára lẹ mú wá o. Kìkì pé àwọn bùrókà ṣì ń fún àwọn oníbàárà ní sítọ́ọ̀pù, kọ̀ǹpútà tiwọn ló ń ṣọ́ ọ, tó sì ń fi ọ́dà máákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ tó bá jí. Lọ́jọ́ tí gbogbo ọjà já nítorí ìjayà, tìẹ dára jù. Lọ́jọ́ tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ló ní òun parọ́ nínú ìṣirò owó òun, 41 lè di 30 láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè má padà mọ́. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́.

Àdùkẹ́K

Tí mo bá fẹ́ lo sítọ́ọ̀pù-límíìtì, báwo ni kí límíìtì ṣe jìnnà sí sítọ́ọ̀pù tó?

Ọmọ_Ṣáàtì

Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìpín, ibi yòówù.

Bàbá_Ìpín

Èmi kì í lo ìdá kan náà fún gbogbo ẹ̀. Mo máa ń wo bí ìpín náà ṣe ń rìn lójúmọ́, láti orí ibi tó ga jù dé ibi tó kéré jù, mo sì ń wo ìpíndọ́gba ọjọ́ 14. Tó bá ń rin dọ́là kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, límíìtì tó wà ní sẹ́ńtì mẹ́wàá sí sítọ́ọ̀pù ò wúlò, owó á fò ó kọjá ní ìṣísẹ̀ kan. Màá fi sí nǹkan bí ìdajì ìrìn yẹn. Ní ti 46 yín, ìyẹn jẹ́ 45.25. Ẹ padà wo ìwé ọ́dà yín: 450 ni ì bá lọ dípò 250, 150 á sì kù. Ẹ ṣì ní láti pinnu ohun tí ẹ máa ṣe sí 150.

Olùwòran

Tí ìpín bá pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn ju ohun tí ọjà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, èmi á pín in. Apá kan sítọ́ọ̀pù lásán, apá kan sítọ́ọ̀pù-límíìtì.

Ọmọ_Ṣáàtì

Ìyẹn ni pé kí èèyàn jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. 😄

Mọremí22

Nǹkan kan ṣì kù tí mi ò lóye. Áàpù tèmi ń bi mí bóyá kí sítọ́ọ̀pù máa wo `Last` tàbí `Bid`. Èwo ni kí n mú?

Bàbá_Ìpín

`Last` ń wo iye tí wọ́n ná gbẹ̀yìn, `Bid` ń wo iye tí olùrà tó ga jù fẹ́ san, kódà tí wọn ò bá tíì ná ohunkóhun. Fún ìpín tí àlàfo rẹ̀ máa ń fẹ̀, ẹ yẹra fún `Bid` tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tà: tí olùrà kan bá kàn fa ọ́dà ẹ̀ yọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, `Bid` á já, sítọ́ọ̀pù yín á sì jí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tà. `Last` náà ní àléébù tiẹ̀, ìnáwó kékeré kan ṣoṣo tó ṣìnà lè jí i. Tèmi wà ní `Last`.